Abẹ́rẹ́ Tí N Kò Kọ Sínú Mínítì

Akọ̀wé ni mí. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé akọ̀wé kí ni. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni akọ̀wé àwọn olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa, bẹ́ẹ̀ ayálégbé ni mí. Ìdí tí wọ́n fi ń yàn mí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá húkọ́ nínú ìpàdé, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Alága wa kan wà tó fẹ́ràn láti máa sẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti sọ. Lọ́jọ́ tí mo ka mínítì sí i létí, tí mo sọ irú fìlà tó dé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ṣe ló jókòó wọ̀ọ̀.

Ẹ̀bùn mi yìí ló fẹ́ bá ayé mi jẹ́.

Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń lọ sí Iléṣà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ láti kàwé gboyè nínú èdè Yorùbá. Bí ilé-ìwé bá ti pa ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀, mo ti wà ní gáréèjì nìyẹn, báàgì lọ́rùn, àkàrà nínú ọ̀rá. Ilé màmá mi ni mo máa ń sùn sí ní Iléṣà. Gbogbo kọ́ọ̀sì ni mo ti yege àfi ọ̀kan péré, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa láti ka ìwé ìtàn àròsọ kí a sì kọ àròkọ lámèyítọ́ lé e lórí. Mo ti kùnà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ilé ẹ̀kọ́ wa sì ni pé ẹni tó bá kùnà kọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó máa lọ sílé. Ọdún márùn-ún, owó ọkọ̀, àkàrà, gbogbo rẹ̀ á bómi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kùnà, nítorí pé mi ò kùnà bí ọ̀lẹ. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo ka ìwé náà bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń jẹun, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí ìdánwò dé, orúkọ gbogbo ènìyàn inú ìwé náà ti fò lọ lórí mi. Mo ń kọ “ọkùnrin yẹn,” “obìnrin kejì,” “ìlú kan báyìí.” Ní ọdún kejì, mo sọ ìtàn ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò fo ohunkóhun. Olùkọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo lè gbé pọ̀n ká ní a jọ gbélé nígbà tó wà léwe, fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ mi pé: “Èmi náà ti ka ìwé yìí, mà. Kí ni ẹ̀yin rí níbẹ̀?”

Inú bí mi. Ohun tí mo rò pé ó ń sọ ni pé ohun tí mo kọ kò tíì pọ̀ tó. Mo ní, ó dáa, ohun tí mo rí lẹ fẹ́? Ẹ ó rí i lọ́dún tó ń bọ̀. N ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ikọ́.

Ìwé ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí dá lórí télọ̀ kan ní ìlú kékeré kan. Ìyàwó rẹ̀ kó jáde, ó sì fi àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì sílẹ̀ fún un. Télọ̀ náà wá jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà pé ìyá wọn ti kú, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà wà láàyè ní ìlú kejì níbi tó ti ń tajà. Ìwé náà ti pẹ́, kò sí lọ́jà mọ́. Ẹ̀dà mẹ́ta péré ló wà ní láíbìrì fún àwa ogójì tí a ń ṣe kọ́ọ̀sì náà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n sì ń yá wa. Olùkọ́ ti sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé a kò ní mú ìwé náà wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ohun tí a lè mú wọlé ni ojú ewé mẹ́rin péré, èyí tí ẹni kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tó ń kàwé. Kò gbọ́dọ̀ sí fọ́tòkópì, kò sì gbọ́dọ̀ sí fóònù.

Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wo àwọn tó kù nínú kíláàsì, àánú wọn ṣe mí.

Báyìí ni mo ṣe kọ orí kìíní sílẹ̀, láti inú ìwé àkọsílẹ̀ mi gan-an ni mo ti ń dà á kọ:

“Orí kìíní bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó wà níkàlẹ̀: télọ̀ (alága), ọmọbìnrin àgbà, ọmọbìnrin kékeré, oníbàárà kan. Àwọn tó tọrọ àyè: ìyàwó, nítorí pé ó ti kú. Télọ̀ kéde ikú ìyàwó rẹ̀ fún àwọn ọmọ. A dìde dúró fún ìṣẹ́jú kan láti bọ̀wọ̀ fún olóògbé. Oníbàárà bèèrè aṣọ rẹ̀. Télọ̀ ní kó padà wá lọ́la. Ọ̀rọ̀ mìíràn: òjò rọ̀. Orí kìíní parí pẹ̀lú àdúrà.”

Kò sí àdúrà kankan nínú orí kìíní ìwé náà. Ọwọ́ mi ni kò lè parí mínítì láì gbàdúrà. Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo kọ yẹn náà, kì í ṣe àkókò tí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ṣẹlẹ̀, àkókò tí èmi jókòó láti kàwé ni. Mi ò kọ ojú ewé kankan sílẹ̀. Ta ló ń kọ ojú ewé sínú mínítì?

Nígbà tí mo dé àárín ìwé, ìyàwó tí a ti dìde dúró fún yìí kàn ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé wá pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo fi bírò sílẹ̀. Mo lọ mu omi. Nígbà tí mo padà, mo kọ ọ́ pé: “Àtúnṣe sí mínítì orí kìíní: kí a yọ gbólóhùn tó sọ pé olóògbé ti kú. Wọ́n dá àbá náà, wọ́n sì kín in lẹ́yìn.” Títí di òní yìí, mi ò mọ ẹni tó dá àbá yẹn.

Màmá mi wà nídìí gbogbo eléyìí. Obì ni màmá mi máa ń tà nínú ilé. Àwọn ará abúlé tí oko kòkó bàbá mi wà máa ń gbé e wá fún un, òun náà á jókòó síwájú ilé, á máa ṣà á, á máa fi ewé wé e. Kò lọ sí ilé-ìwé gidi. Ilé-ìwé Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti mọ̀wé, Yorùbá Bíbélì ló sì máa ń kọ. Bó bá fẹ́ kọ ọ́ síwájú ilẹ̀kùn pé òun lọ sọ́jà, ohun tó máa kọ ni: “Ó sì ṣe, mo jáde lọ.”

Bí mo bá ti lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ Sátidé, màmá mi á mú ìwé télọ̀ yìí, á gbé e lé itan, á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú kan wo obì, á máa fi èkejì kàwé. Bí mo bá dé, á ti ka ìwé náà kọjá ibi tí mo dé. Á tún máa bá télọ̀ jà. Mo máa ń gbọ́ ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ láti ojú títì.

“Urọ́ ni! Urọ́ ni, ìwọ ọkùnrin yìí! Ojú ò tì ọ́?”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé oníbàárà kan fẹ́ san ìdajì owó obì. Mo sáré wọlé. Màmá mi nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni ti bébà. Màmá mi á ya bébà ètò ìsìn àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, á kọ nǹkan sí i, á kì í bọ àárín ìwé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, tí mo fẹ́ dá ìwé náà padà, bébà ti yọrí ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ tí òjò pa. Ìwé láíbìrì! Mo ní, “Màmá, kí lẹ ń ṣe sí ìwé oníwèé báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?” Mo fa gbogbo bébà náà yọ ní kánmọ́kánmọ́, mo kó wọn dà sílẹ̀. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́dọ̀ sọ. Mo ní, “Ìwé kíkà yìí kì í ṣe eré o.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àwọn bébà náà níkọ̀ọ̀kan. Mo gbé ìwé lọ sí láíbìrì, mo ń binú lọ, mo sì gbàgbọ́ pé èmi ni mo jàre.

Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, mo jókòó sínú yàrá láti dán ara mi wò. Olùkọ́ ti fún wa ní ìbéèrè kan láti fi gbáradì. Ó ní báwo ni òǹkọ̀wé ṣe jẹ́ kí a mọ irú ènìyàn tí télọ̀ jẹ́. Kí a sì fi ọ̀rọ̀ inú ìwé gbe ohun tí a bá sọ lẹ́sẹ̀.

Mo ṣí mínítì mi. Ojú ewé mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo wá irú ènìyàn tí télọ̀ jẹ́ níbẹ̀, ohun tí mo rí ni pé alága ni. Mo wá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an, kò sí ẹyọ kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni “télọ̀ kéde,” “télọ̀ ṣàlàyé,” “télọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa.” Mo rí gbólóhùn dídùn kan níbì kan tó ní ìbànújẹ́ a máa rán aṣọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo gbé orí sókè. Ṣé ọ̀rọ̀ inú ìwé ni àbí èmi ni mo ronú rẹ̀? Mi ò fi àmì kankan sí i. Bí mo bá kọ ọ́ bíi tèmi, tó wá jẹ́ pé ti òǹkọ̀wé ni, olè jíjà nìyẹn. Bí mo bá sì ní ti òǹkọ̀wé ni, tó jẹ́ tèmi, mo ti parọ́ mọ́ ọn.

Mo pe màmá mi. “Màmá, ‘Ìbànújẹ́ a máa rán aṣọ tirẹ̀.’ Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ ni?”

Láti ìta ló ti dáhùn. “Ìwọ kọ́. Ìwọ ò gbọ́n tó yẹn. Ojú ewé àádọ́rùn-ún ni.”

Mo jókòó síbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín, ẹkún gidi ni. Mo rò ó pé màá dé Òṣogbo, màá sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé wọ́n ti ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ ní “ẹ pẹ̀lẹ́” láàárín wọn, mo sì mọ irú ẹ̀rín tó máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá wo ìwà akọ̀wé, èmi náà ni wọ́n máa ní kí n kọ ọ́ sínú mínítì.

Màmá mi wọlé. Ó lọ sínú yàrá rẹ̀, ó gbé agolo mílíìkì kan wá, ó gbé e síwájú mi. Gbogbo bébà yẹn ló wà nínú rẹ̀. Ó ti tò wọ́n, ó sì fi rọ́bà dè wọ́n.

Mo tú rọ́bà. Àkọ́kọ́ tí mo mú ni èyí:

“19. ‘Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.’ Aṣọ ti parí, oníbàárà ti gbé e lọ. Kí ni ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe?”

Èkejì: “52. Abẹ́rẹ́ tún jábọ́. Wo 19.”

“61. ‘Ìyá yín ti sinmi,’ ni ó tún wí. Kò wí pé ó kú. Kíyèsí i, òpùrọ́ tí ń bẹ̀rù irọ́.”

“74. Mo rò pé obìnrin yìí ń bọ̀ wá.” Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bírò mìíràn: “118. Ó dé! Èmi kò ha wí?”

“80. Ọmọbìnrin àgbà kò mọ nǹkan kan.” Lábẹ́ rẹ̀: “140. Ó mọ̀. Èmi ni mo ṣìnà, kí Olúwa dárí jì mí.”

“88. Abẹ́rẹ́.” “131. Abẹ́rẹ́!”

Èyí tó kẹ́yìn kò ní ju ìlà kan lọ: “203. Ó sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ. Abẹ́rẹ́ kò jábọ́.”

Mo ka ìwé yẹn láti páálí dé páálí. Mo rí abẹ́rẹ́ náà nígbà gbogbo tó ń jábọ́, mi ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, nítorí pé kì í ṣe ìpinnu ìpàdé. Bẹ́ẹ̀ ìgbà gbogbo tí télọ̀ bá ti parọ́ ni abẹ́rẹ́ máa ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi máa ní ìdí láti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà rí ojú rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò sọ fún wa lẹ́ẹ̀kan pé irọ́ nìyí. Ó kàn ń ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Èmi náà tún ti kọ ọ́ pé télọ̀ kéde ikú, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ikú rí. Ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an ló yẹ kí n kọ, pẹ̀lú àmì àyọlò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Màmá, ta ló kọ́ yín báyìí?”

“Báyìí báwo?”

“Ojú ewé. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Gbogbo ẹ̀.”

Ó wò mí bí ẹni tó bímọ tí kò pé. “Ní kíláàsì Bíbélì wa, bí o bá ní ibì kan wà nínú Bíbélì tó sọ báyìí báyìí, wọ́n á ní kí o jókòó. Orí wo? Ẹsẹ wo? Kà á. Lẹ́yìn tí o bá kà á tán, wọ́n á ní kí ni ó ń bá ọ sọ. Bí o bá ní ohun tó ń sọ náà ni ó ń sọ, wọ́n á tún ní kí o jókòó.”

Mo ti ń fa bébà, mo ti ń wá bírò láti da gbogbo rẹ̀ kọ. Màmá mi fọwọ́ bo agolo.

“Rárá. Unú tèmi ló bí sí télọ̀. Tìẹ dà?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò ku ọjọ́ kan.”

“Mo mọ̀. Kí ni ìwọ rò nípa ọkùnrin yẹn?”

Ogún ọdún ni mo ti ń kọ ohun tí àwọn mìíràn rò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi akọ̀wé rí. Mo wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé àánú rẹ̀ ṣe mí.

“Àánú òpùrọ́!” Màmá mi dìde. “Ọmọ wà láyé, o ní ìyá rẹ̀ ti sinmi? Sinmi níbo?”

“Kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó fi wọ́n sílẹ̀ ni!” Èmi náà ti dìde. “Èwo ló sàn fún ọmọ, kí ìyá rẹ̀ kú, tàbí kí ìyá rẹ̀ wà níbì kan tí kò fẹ́ rí i?”

“Urọ́ ni urọ́ ń jẹ́!”

“Ṣé ẹ ti gbàgbé ajá wa ni?”

Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, mọ́tò pa ajá wa. Mi ò lè sọ ọ́ fún un. Mo ní ajá ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, pé ó ti lọ kàwé ní Ẹ̀sà-Òkè. Ọmọ yìí gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Bí ọlidé bá dé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti máa retí ajá. Ó ń fi eegun pamọ́ dè é. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń sọ pé ìdánwò ni kò jẹ́ kó wálé. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá sì sọ ọ́, ó ní iṣẹ́ tí mo máa ń rántí nínú ilé ìdáná.

“Ilé ìdáná nìyẹn,” ni mo sọ. “Abẹ́rẹ́ tèmi nìyẹn. Kì í ṣe pé télọ̀ fẹ́ tan àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ, ojú wọn ni kò lè wò.”

Màmá mi gbé ọwọ́ kúrò lórí agolo. “Kọ ìyẹn sílẹ̀,” ni ó wí. “Kọ ọ́ kíá kí o tó tún sọ ọ́ di mínítì.”

Ọ̀sán yẹn dùn ju gbogbo ìpàdé tí mo ti kọ̀wé rẹ̀ láyé mi lọ. Mo pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí méjì. Apá òsì ni mo ti inú bébà màmá mi kọ ojú ewé àti ọ̀rọ̀ inú ìwé sí gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, mo sì fi àmì àyọlò sí gbogbo rẹ̀ kí n má baà tún jalè. Apá ọ̀tún, bírò pupa ni mo lò, ohun tí èmi rò nìkan ni mo sì kọ síbẹ̀, títí kan ibi tí mo ti ṣìnà. Mo kọ orúkọ àwọn ènìyàn inú ìwé sókè, ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ta ni, kí ló ń wá. Níbi tí màmá mi bá ti lòdì sí mi, mo kọ “ìyá kan ní…” kí n lè rí ẹni bá jà nínú àròkọ. A kò fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn oníbàárà obì dé, wọ́n jókòó, àwọn náà bu télọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbè sẹ́yìn rẹ̀, màmá mi kọ̀ láti fi èènì obì fún un.

Ojú ewé mẹ́rin ló jẹ́, kò lé, kò dín. Mínítì mi wà nínú báàgì, mi ò mú un jáde.

Ìbéèrè tí a bá nínú gbọ̀ngàn ìdánwò kì í ṣe èyí tí wọ́n fún wa tẹ́lẹ̀. Ó ní kí a jíròrò lórí bí òǹkọ̀wé ṣe fi ohun kékeré sọ ohun ńlá. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tó ń ṣọ́ wa ní, “Mà, ṣé kò sí?” Mo ní kò sí, sà. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀: “Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, télọ̀ kan wà…” Mo mọ ibi tó ń lọ, èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn rí. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti orí abẹ́rẹ́. Mo tẹ̀lé e láti ojú ewé dé ojú ewé, mo jẹ́ kí ìyá kan dá mi dúró lójú ọ̀nà, mo dá a lóhùn, mo sọ ọ̀rọ̀ ajá, mo sì parí sí ojú ewé tí abẹ́rẹ́ kò ti jábọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí a fi bírò sílẹ̀, mo ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n dá iṣẹ́ wa padà. Máàkì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ajá, olùkọ́ kọ ọ́ pé, “Ṣé ó ti gboyè jáde báyìí?” Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti bi mí lọ́dún tó kọjá pé kí ni mo rí, ohun tó kọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: “Ẹ káàbọ̀, mà.”

Mo pe màmá mi lórí fóònù láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì, mi ò sì lè sọ̀rọ̀. Ẹkún nìkan ló ń jáde. Màmá mi figbe ta, ó ń pe àwọn aládùúgbò pé ó jọ pé wọ́n pè mí láti Òṣogbo pé ẹnì kan ti kú. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó lè sọ pé mo yege ni, pé mo ti parí, pé wọn ò lé mi mọ́. Ó dúpẹ́. Ó kọ orin kan. Ó ní kí àwọn aládùúgbò máa lọ sílé. Nígbà tó ṣe, ó bèèrè, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, “Ìwé wo ni wọ́n wá fún wa báyìí?”

Mo ní, “Màmá, ó ti tán. Kò sí ìwé ìtàn mọ́ nínú kọ́ọ̀sì mi.”

“Ó ti tán?”

“Ó ti tán.”

Ó dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti gé. Lẹ́yìn náà ó ní ó dáa, pé òun fẹ́ lọ ṣa obì.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kò kúrò lára mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí ilé-ìwé ṣe pa, mo lọ sí ilé ìtàwé ní Òṣogbo, mo ra ìwé ìtàn àròsọ kan tí olùkọ́ kankan kò ní kí n kà. Ẹ̀dà méjì ni mo rà. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ awakọ̀ kan, mo sì fi èkejì sínú báàgì mi, mo ní bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, n ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣeré ọ̀sán, fóònù mi dún.

“Ibo lo kà dé?”

“Màmá, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ o.”

“O ò tíì bẹ̀rẹ̀?” Inú bí i gidi. “Ó ti tó ọjọ́ méjì tí mo ti ń bá obìnrin kan jà níbí, kò sì sẹ́ni tó máa gbè sẹ́yìn ẹ̀!”

Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣeré, mo wọ inú kíláàsì, mo sì ṣí ojú ewé kìíní.